Ọwọ́ Méjì, Ẹrù Mẹ́ta: Bí A Ṣe Tún Àròkọ Ìrìn-àjò Kan Kọ

“Ọwọ́ wo lo fi di àbúrò rẹ mú?”

Ọmọbìnrin tí mo bi ní ìbéèrè náà kò dáhùn. Ó wo ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀, ó wo tòsì, ó sì tún padà wo ìwé tó wà láàárín wa lórí tábìlì. Ohun tó kọ síbẹ̀ ni pé, “Mo di àbúrò mi lọ́wọ́ mú ṣinṣin títí a fi kọjá sí òdìkejì.” Ṣùgbọ́n ní ìlà méjì ṣáájú, ó ti kọ ọ́ pé tọ́ọ̀ṣì wà lọ́wọ́ ọ̀tún òun, àpò aṣọ ìyá wọn sì wà lọ́wọ́ òsì. Ọwọ́ méjì ni ènìyàn ní. Ẹrù mẹ́ta ló kó lé wọn.

Afẹ́fẹ́ fẹ́ ṣí ìwé náà, ó fi ìka tẹ̀ ẹ́. Ó ṣì ń wo ọwọ́ rẹ̀.

Iṣẹ́ tí mo fún un kò ju gbólóhùn kan lọ: kọ àròkọ oníròyìn nípa ìrìn-àjò kan tó le fún ọ, fi ìran kan ṣí i, kí o sì fi àròjinlẹ̀ kádìí rẹ̀. Ọmọ ọdún 17 ni, ó mọ̀wé, kì í ṣi àmì ohùn lò. Ó gbà kí n sọ bí iṣẹ́ náà ṣe lọ, kí n ṣáà má dárúkọ òun. Ìgbà mẹ́ta ló kọ ọ́. Ìkẹta ni mo máa gbé kalẹ̀ ní odindi, torí òun ni mo fẹ́ kí ẹlòmíràn lò bí àwòkọ́ṣe. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ka ìkẹta láìmọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí àkọ́kọ́ àti ìkejì yóò kàn rò pé ẹ̀bùn ló fi kọ ọ́ ni, kò sì rí bẹ́ẹ̀.

Báyìí ni àkọ́kọ́ ṣe bẹ̀rẹ̀: “Oríṣiríṣi ìrìn-àjò ló wà láyé. Àwọn kan dùn, àwọn kan korò. Ní ọjọ́ tí mò ń sọ yìí, mo tètè jí, mo wẹ̀, mo wọ aṣọ mi, mo sì jẹun.” Kò sí àṣìṣe kankan níbẹ̀. Ó lọ báyìí dé ibùdókọ̀, ó sọ àwọ̀ ọkọ̀, ó sọ iye ènìyàn tó wà nínú rẹ̀, ó sọ pé òun jókòó sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé.

N kì í fi gègé pupa bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lórí àròkọ. Mo máa ń kọ́kọ́ ka iye ọ̀rọ̀ tí ìṣẹ̀lẹ̀ kọ̀ọ̀kan gbà, màá sì kọ iye náà sí etí ìwé. Àròkọ yìí ní ọ̀rọ̀ 640. Kí ọkọ̀ tó kan omi, ó ti ná 380. Afárá tí wọ́n fi ẹsẹ̀ kọjá lóru, òun àti ọmọ ọdún mẹ́fà, gba ọ̀rọ̀ 46. Ìmọ̀ràn tó fi parí rẹ̀, pé ìfaradà dára, pé kí ọmọ ènìyàn má sọ ìrètí nù, gba 70. Ìwẹ̀ àti aṣọ wíwọ̀ pẹ̀lú ìmọ̀ràn ni wọ́n jẹ àròkọ náà tán. Mo fi àwọn iye náà hàn án láìsọ ohunkóhun, òun fúnra rẹ̀ ló sì kọ́kọ́ rí i. Ó ní, “Mà, afárá kéré jù.”

Kì í ṣe pé ibi tó le gbọ́dọ̀ gùn torí pé ó le. Ohun tí mò ń wò ni ibi tí àkókò ti falẹ̀ fún ẹni tó wà níbẹ̀. Wákàtí mẹ́ta nínú ọkọ̀ lè kọjá láìsí ohun tí ara rántí, kí ìṣẹ́jú kan lórí pákó sì gùn títí. Bí gígùn àkọsílẹ̀ bá ń tẹ̀lé aago, tí wákàtí kọ̀ọ̀kan ń gba ìpínrọ̀ tirẹ̀, kò sí bí òǹkàwé ṣe máa mọ ibi tí ọkàn ẹni tó ń kọ̀wé ti fò.

Mo ní kó pa ìwé dé, kó fẹnu sọ ìtàn náà fún mi. Bí ó ti ya ẹnu báyìí, gbólóhùn àkọ́kọ́ ni, “Omi ti bo ojú ọ̀nà kí a tó débẹ̀.” Kò rántí ìwẹ̀, kò rántí aṣọ. Gbogbo ẹni tí mo ti ní kó ṣe bẹ́ẹ̀ ló máa ń bẹ̀rẹ̀ nítòsí ibi tó yẹ, nítorí ẹni tó ń bá ènìyàn sọ̀rọ̀ ń rí ojú olùgbọ́, kò sì ní fi ìwẹ̀ dá a dúró. Mo ń kọ ohun tó bá sọ lẹ́ẹ̀mejì sílẹ̀. Ó sọ ọ̀rọ̀ pákó lẹ́ẹ̀mẹrin. Ó sọ ọ̀rọ̀ àpò lẹ́ẹ̀mẹta, bẹ́ẹ̀ nínú ìwé, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni àpò yọjú. Ìyẹn ni mo fi mọ̀ pé ìran tó máa ṣí àròkọ wà lórí afárá, àti pé àpò náà ní ohun tó ń ṣe níbẹ̀.

Mo ṣàlàyé ohun tí mo ń pè ní ìran fún un. Ibì kan ṣoṣo, àkókò kan ṣoṣo, ẹnìkan ń ṣe nǹkan, ohun kan sì ń dí i lọ́wọ́. “Ìrìn-àjò náà bani lẹ́rù gan-an” kì í ṣe ìran. Ìdájọ́ ni, àbọ̀ ohun tí òǹkọ̀wé ti rò tán. Bí a bá fún òǹkàwé ní ìdájọ́ kó tó rí ohun tí a ń dá lẹ́jọ́, kò sí iṣẹ́ kankan tó kù fún un.

Ibi tí mo ti ṣe àṣìṣe tèmi nìyí. Mo sọ fún un pé kó jẹ́ kí ìran náà hàn kedere. Mo rò pé ọ̀rọ̀ náà yé e. Ohun tó yé e ni pé kó jẹ́ kó bani lẹ́rù sí i. Nígbà tó mú ìkejì wá, àrá ń sán, ẹ̀fúùfù ń wó igi, ejò kan sì wé mọ́ wáyà afárá.

Mo ka ejò náà lẹ́ẹ̀mejì. Nǹkan tó ń dà mí láàmú nípa rẹ̀ ni pé kò ṣe ohunkóhun. Ó yọ ní ìpínrọ̀ kejì, àwọn ènìyàn kígbe, ìpínrọ̀ sì parí. Nínú ìpínrọ̀ tó tẹ̀lé e, kò sí ẹni tó rìn yàtọ̀, kò sí ẹni tó fi ọwọ́ kúrò lára wáyà. Bí mo bá gé ejò náà jáde, mi ò ní í ran ojú ibi kankan pọ̀. Bí mo ṣe ń dá ohun tí a tì bọnú ìtàn láti ìta mọ̀ nìyẹn: kì í ní àbájáde. Ohun tó ṣẹlẹ̀ lóòótọ́ máa ń fa nǹkan mìíràn lẹ́sẹ̀. Ẹni tó bá ń hun ìtàn tí kò ṣẹlẹ̀ rí náà lè fi ejò síbẹ̀, n kò bá a jà, ṣùgbọ́n ejò rẹ̀ gbọ́dọ̀ yí ìrìn ẹnìkan padà. Mo bi í, “Ṣé ejò wà níbẹ̀?” Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó ní rárá, mà. Mo ní kó mú un kúrò. Nígbà tó ń pa á rẹ́ ni ojú mi bọ́ sí ìlà tọ́ọ̀ṣì, ìlà àpò àti ìlà àbúrò, ni mo bá bi í ní ìbéèrè ọwọ́.

Ó pẹ́ kó tó sọ̀rọ̀. Ó ní, “Tọ́ọ̀ṣì kò sí lọ́wọ́ mi, mà. Ẹnu ni mo fi gbé e.” Ó tún dákẹ́. Lẹ́yìn náà ló ní, “Mo fi ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀.”

N kò bi í ní ìbéèrè mìíràn lọ́jọ́ náà. Mo ní kó lọ kọ èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ, kó bẹ̀rẹ̀ láti orí tọ́ọ̀ṣì. Ìkẹta tó mú wá nìyí.

Afárá Pákó

Mo fi eyín di tọ́ọ̀ṣì mú. Adùn irin wà lórí ahọ́n mi, itọ́ sì ń ṣàn sí àgbọ̀n mi nítorí n kò lè pa ẹnu dé. Àpò aṣọ ìyá mi wà lọ́wọ́ òsì mi, ọwọ́ àbúrò mi wà ní ọ̀tún. Ibi tí mo bá kọjú sí nìkan ni ìmọ́lẹ̀ ń lọ: pákó kan, àlàfo kan, pákó kan, àlàfo kan. Nínú àlàfo, omi dúdú ń sáré kọjá lábẹ́ wa.

Ọkùnrin tó ṣáájú wa kígbe pé, “Ẹ má wo omi o! Pákó ni kí ẹ máa kà.” Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà á nínú mi. Nígbà tí mo dé 19, pákó tí mo tẹ̀ gbọ̀n.

Kò yẹ kí a wà níbẹ̀. Ní ọ̀sán ọjọ́ náà, bàbá mi ti mú wa lọ sí ibùdókọ̀. Ìyá mi ti lo ọjọ́ mẹ́sàn-án ní ilé ìwòsàn ní ìlú mìíràn, ó sì ti ránṣẹ́ pé òun fẹ́ rí wa. Iṣẹ́ kò jẹ́ kí bàbá mi lè lọ ṣáájú ọjọ́ kejì. Ó kó aṣọ ìyá mi sínú àpò kan tó ní okùn gígùn, ó gbé e lé mi lọ́wọ́, ó ní, “Má jẹ́ kí àpò yìí kúrò lọ́wọ́ rẹ.” Ọmọ ọdún 12 ni mí nígbà náà. Ó wo àbúrò mi tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́fà, ó ní kó má yọ mí lẹ́nu.

Wákàtí mẹ́ta ni wọ́n ní a máa lò. Òjò kò rọ̀ lọ́nà tiwa rárá; òkè odò ló ti ń rọ̀ láti àárọ̀. Ilẹ̀ ti ṣú nígbà tí awakọ̀ tẹ bíréèkì díẹ̀díẹ̀, tó sì dúró. Nínú iná ọkọ̀, a rí ojú ọ̀nà tó ń lọ sínú omi, a kò rí ibi tó ti jáde. Afárá ọkọ̀ ti wà nísàlẹ̀ omi. Awakọ̀ ní òun máa padà. Àwọn kan ní afárá ẹlẹ́sẹ̀ kan wà lókè díẹ̀, pákó àti wáyà, ó ga ju omi lọ, àti pé bí a bá kọjá, a ó rí ọkọ̀ mìíràn ní oríta. Ènìyàn méje sọ̀ kalẹ̀. Mo wo àpò náà. Mo di ẹni kẹjọ, àbúrò mi di ìkẹsàn-án.

Pákó 19 gbọ̀n, ó sì dà sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ẹsẹ̀ mi yọ̀. Wáyà tó wà lápá ọ̀tún kò jìnnà, mo gbá a mú. Mo ti gbá a mú kí n tó mọ̀ pé mo nawọ́. Ìgbà tí mo mọ̀, wáyà tútù ló wà nínú àtẹ́lẹwọ́ tí ọwọ́ àbúrò mi wà tẹ́lẹ̀.

Mo fẹ́ pè é. Bí mo bá ya ẹnu, tọ́ọ̀ṣì á já sómi. Mo fẹ́ yíjú padà kí n rí i. Bí mo bá yíjú, ìmọ́lẹ̀ á kúrò lórí pákó, ẹsẹ̀ mi kò sì tíì rí ibi dúró. Mo dúró báyìí, mo kọjú síwájú, òkùnkùn sì wà lẹ́yìn mi, inú rẹ̀ ni àbúrò mi wà. N kò gbọ́ ẹkún. N kò gbọ́ nǹkan kan bí kò ṣe omi.

Nígbà náà ni àpò ọwọ́ mi wúwo. Ohun kan fà á sẹ́yìn, ó dẹ̀ díẹ̀, ó tún fà á. Mo gbé ẹsẹ̀ kan, ó tẹ̀ lé mi. Mo gbé èkejì. Mo ka 20, mo ka 21, mo ka 22. Mo kà á dé 54, ilẹ̀ sì kàn mí lẹ́sẹ̀.

Mo mú tọ́ọ̀ṣì kúrò lẹ́nu, mo yíjú. Àbúrò mi fi ọwọ́ méjèèjì di okùn àpò mú, ó sì di ojú rẹ̀ pinpin.

“Ṣé a ti dé?”

Mo ní a ti dé.

A rìn dé oríta, a sì rí ọkọ̀.

Ilẹ̀ ń mọ́ nígbà tí a wọ yàrá tí ìyá mi wà. Kí n tó sọ ohunkóhun, àbúrò mi ti gun orí ibùsùn, ó ti ń ròyìn: omi ga tó báyìí, pákó ń gbọ̀n, “ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n mi ò fi mí sílẹ̀ rárá, wọ́n ń fà mí lọ ni.” Ìyá mi wò mí, ó ní, “O ṣeun, ọmọ mi.” Mo gbé àpò náà fún un. Aṣọ tó wà ní ìsàlẹ̀ ti rin.

Ọdún márùn-ún ti kọjá. Àbúrò mi ṣì ń sọ ìtàn náà, bákan náà ló sì ń sọ ọ́. Ó pẹ́ tí mo fi ń rò pé irọ́ ni mò ń pa bí mo ti ń dákẹ́. Ọwọ́ mi yan wáyà, ó yan àpò, kò yan òun, èmi nìkan ló sì mọ̀. Nísinsìnyí, fífà tó ń sọ yẹn ni mo ń rò. Ó dúró nínú òkùnkùn, kò rí mi, kò gbọ́ ohùn mi, ó nawọ́, ó bá okùn kan. Òun ló di mí mú. Láti pákó 19 lọ, n kò lè ju àpò náà sílẹ̀ mọ́, kì í sì í ṣe nítorí aṣọ. Bàbá mi ní kí n má jẹ́ kó kúrò lọ́wọ́ mi, n kò sì rò pé ó mọ ohun tí yóò wà ní ìdí okùn náà. Bí àbúrò mi bá tún ń sọ ìtàn náà, ọwọ́ rẹ̀ ni mo máa ń wò. Ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó tèmi.

Ibí ni àròkọ náà parí.

Ẹ wo tọ́ọ̀ṣì. Nínú àkọ́kọ́, ọwọ́ ló wà, kò sì ṣe ju kí ó tan iná lọ. Nígbà tó bọ́ sí ibi tó wà lóòótọ́, láàárín eyín, ó pa ohùn ọmọ náà mọ́ ọn lẹ́nu, ó sì sọ ẹ̀yìn rẹ̀ di òkùnkùn. Ejò kò lè ṣe irú iṣẹ́ yẹn. Tọ́ọ̀ṣì ló jẹ́ kó ṣeé ṣe pé àbúrò wà lẹ́yìn láìsí ìpè àti láìsí ìmọ́lẹ̀, òun náà ló sì jẹ́ kí ìwúwo àpò di ìròyìn kan ṣoṣo tó lè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Ibi tó gba wá lákòókò jù ni ìpínrọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ ní “Kò yẹ kí a wà níbẹ̀.” Ẹni tó bá fi ìran ṣí àròkọ gbọ́dọ̀ padà sẹ́yìn lọ ṣàlàyé, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi sì sábà máa ń ṣubú níbẹ̀, torí bí èdè Yorùbá ṣe rí. Ọ̀rọ̀-ìṣe wa kì í yí ìrísí padà láti sọ pé nǹkan ti kọjá. “Bàbá mi mú wa lọ” ti tó fún àná. Nítorí náà, bí o bá wà lórí afárá, tí o sì kọ ọ́ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ pé “bàbá mi mú wa lọ sí ibùdókọ̀,” ńṣe ni yóò dà bí ẹni pé bàbá yọ sí ọ lórí pákó. Ohun tó kọ́kọ́ kọ nìyẹn. Ohun méjì ló tún un ṣe: ó fi àkókò ṣáájú, “ní ọ̀sán ọjọ́ náà,” ó sì fi “ti” sí ọ̀rọ̀-ìṣe. “Bàbá mi ti mú wa lọ.” “Ìyá mi ti lo ọjọ́ mẹ́sàn-án.” Lẹ́yìn “ti” mẹ́ta, òǹkàwé ti mọ ibi tó wà, ó sì lè jù ú sílẹ̀. “Ó kó aṣọ ìyá mi sínú àpò” kò nílò rẹ̀ mọ́. Bí ó bá fi “ti” sí gbogbo rẹ̀ títí dé omi, ìpínrọ̀ náà yóò máa kọsẹ̀ ni.

Pípadà sórí afárá ní ìṣòro tirẹ̀. Ó kọ́kọ́ lo “Bí mo ti ń sọ bọ̀.” Ọ̀rọ̀ ẹnu ni, ó dára fún ẹni tó ń pa ìtàn níwájú àwùjọ, ṣùgbọ́n ó yọ òǹkàwé kúrò lórí pákó, ó gbé e sórí àga. Mo ní kó wá ohun kan tó fi sílẹ̀ nígbà tó ń kúrò níbẹ̀. Ó rí nọ́ńbà. Ó kúrò ní 19, ó padà sí 19, kò sì nílò afárá mìíràn láàárín méjèèjì. Ẹ kíyè sí i pé ibi tó ti kúrò ni ibi tí pákó gbọ̀n, kí ẹsẹ̀ tó yọ̀. Bí ó bá dúró kí ẹsẹ̀ yọ̀ tán kó tó padà sẹ́yìn, ìbínú ni òǹkàwé máa fi ka ọ̀rọ̀ bàbá àti ibùdókọ̀.

Ní ti ìparí, mo ní ìdánwò kan tí mo ń lò, kò sì le. Mo máa ń fi ìwé bo gbogbo àròkọ, kí ìpínrọ̀ ìkẹyìn nìkan ṣẹ́ kù, màá wá bi ara mi bóyá mo lè lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìrìn-àjò ẹlòmíràn. Ọ̀rọ̀ 70 ti àkọ́kọ́, ti ìfaradà àti ìrètí, bá ìrìn-àjò ẹnikẹ́ni lọ. Èyí tó wà níhìn-ín kò lè bá ìkankan mìíràn lọ, nítorí okùn, àpò àti 19 wà nínú rẹ̀. Ohun kejì tí mo ń wò ni ènìyàn méjì tó yẹ kó wà nínú àròjinlẹ̀: ọmọ ọdún 12 tó wà lórí afárá, tí kò mọ̀, àti ọmọ ọdún 17 tó ń kọ̀wé, tó ti ń rí nǹkan tí ẹni ìṣáájú kò rí. Ìmọ̀ràn kò ní ju ènìyàn kan lọ nínú, ẹni tó ti gbọ́n tán. Nínú èyí, ọmọ náà tún wá sọ pé òun rò tẹ́lẹ̀ pé irọ́ ni òun ń pa. N kò rò pé mo lè kọ́ ẹnikẹ́ni bí wọ́n ṣe ń sọ irú ìyẹn. Ìbéèrè ọwọ́ nìkan ni mo bi. Ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀, òun ló ń gbé e kiri fún ọdún márùn-ún.

Gbólóhùn kan tún wà lẹ́yìn “Ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó tèmi” nígbà tó gbé e wá. Ó ti fa ìlà lé e lórí kó tó dé ọ̀dọ̀ mi, ó fa á dáadáa débi pé n kò lè kà á. N kò béèrè.

Ohun kan ṣoṣo ni mo bá a jiyàn lé lórí, “A rìn dé oríta, a sì rí ọkọ̀.” Nígbà tó ń fẹnu sọ ọ́, ó ní ìrìn náà lé ní wákàtí kan, lóru, pẹ̀lú ọmọ ọdún mẹ́fà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ rin. Lójú mi, ìpínrọ̀ kan ti tọ́ sí i. Mo ní kó jókòó, kó rántí ohun mẹ́ta péré: ohun tó gbọ́, ohun tó wà lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, ẹni tó ń rìn níwájú. Ó jókòó pẹ́. Ó ní, “N ò rántí kankan, mà. Ọwọ́ rẹ̀ nìkan ni mò ń dì mú.”

Mo ní kó kọ ìyẹn síbẹ̀. Ó ní rárá, pé bí òun bá kọ ọ́, ó máa dà bí ẹni pé òun ń san gbèsè. Mo ronú sí i, mo sì fi ìlà náà sílẹ̀ bó ṣe wà.